Òṣogbo àti Hiúsítọ̀n: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Wákàtí Nígbà Tí Ìlú Kan Ṣoṣo Bá Ń Yí Aago Rẹ̀

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ní ẹbí lókè òkun: wákàtí mélòó gan-an la fi ṣíwájú Hiúsítọ̀n? Ẹnì kan á ní mẹ́fà, ẹlòmíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé méje ni. Àwọn méjèèjì ló gbà á, àmọ́ kì í ṣe ní ọjọ́ kan náà. Láti ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá, mẹ́fà ni. Láti ìgbà náà títí di oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀lé e, méje ni. Aago Òṣogbo kò kúrò lójú kan látọdún dé ọdún. Ti Hiúsítọ̀n ló ń lọ tó ń bọ̀.

Nítorí náà, ẹ má há iye wákàtí sórí. Ẹni tó há "mẹ́fà" sórí á pẹ́ dé ìpàdé nígbà kan, á sì jí èèyàn lóru nígbà mìíràn. Ohun tó dára kí ẹ mọ̀ ni ipò tí aago wa wà, tí kì í yí padà, àti bí ẹ ṣe lè mọ ipò tí aago tiwọn wà ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kàn. Ìyókù kò ju àròpọ̀ àti àyọkúrò lọ.

## Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Orúkọ ìlú náà gan-an. Orúkọ orílẹ̀-èdè tàbí ìpínlẹ̀ kò tó. Ẹ̀lì Pásò àti Hiúsítọ̀n jọ wà ní Tẹ́sáàsì, síbẹ̀ wákàtí kan ni Hiúsítọ̀n fi ṣíwájú rẹ̀.
- Déètì ọjọ́ tí nǹkan náà máa wáyé. Déètì òní kọ́ là ń sọ.
- Ìlú tí wọ́n fi aago rẹ̀ dá àkókò náà. Ṣé aago Òṣogbo ni wọ́n sọ ni, àbí aago Hiúsítọ̀n?

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. A máa padà sórí rẹ̀, torí òun ló ń fa aáwọ̀ jù.

## Ipò tí aago ìlú kọ̀ọ̀kan wà

Gbogbo aago ayé ni wọ́n ń fi wé aago kan tó jẹ́ ìpìlẹ̀, tí wọ́n ń kọ ní UTC lójú fóònù àti kọ̀ǹpútà. UTC kì í yí padà nítorí òtútù tàbí ooru. Gbogbo Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò. Ẹ máa rí i báyìí: UTC+1. Kò sí aago ọ̀tọ̀ fún Òṣogbo. Aago kan náà ni àwa, Èkó àti Máídúgùrì jọ ń lò.

Ìgbà òtútù, Hiúsítọ̀n wà ní UTC-6. Tí wọ́n bá ti sún aago síwájú ní oṣù Kẹta, wọ́n á bọ́ sí UTC-5. Ìyẹn ni pé ẹ̀yìn wa ni wọ́n wà nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi wákàtí kan sún mọ́ wa nígbà ooru wọn. Ìdí nìyẹn tí méje fi ń di mẹ́fà. Ó yẹ kí ẹ lóye ibí yìí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbọ́ pé "wọ́n ti fi wákàtí kan kún aago wọn", tí wọ́n sì lọ fi wákàtí kan kún àlàfo náà. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín tó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú ti sún mọ́ yín nìyẹn.

## Ìgbésẹ̀ márùn-ún

1. Ẹ kọ déètì náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọjọ́ rẹ̀. Fún àpẹẹrẹ: ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Kọkànlá 2026. Ẹ má kọ "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀".

2. Ẹ wò ó bóyá déètì náà bọ́ sí ìgbà tí wọ́n sún aago síwájú. Fún Hiúsítọ̀n, ẹ ṣí kàlẹ́ńdà ọdún náà, kí ẹ ka ọjọ́ Àìkú inú oṣù Kẹta dórí ìkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọjọ́ Àìkú tó kọ́kọ́ wà nínú oṣù Kọkànlá. Ní 2026, ọjọ́ méjèèjì jẹ́ 8 oṣù Kẹta àti 1 oṣù Kọkànlá. Ní 2027, wọ́n jẹ́ 14 oṣù Kẹta àti 7 oṣù Kọkànlá. Ẹ rí i pé déètì yẹn ń yí lọ́dọọdún. Ọjọ́ Àìkú rẹ̀ ni kì í yẹ̀.

3. Ẹ kọ ipò ìlú náà sílẹ̀. Tó bá wà láàárín ọjọ́ méjèèjì yẹn, ẹ kọ UTC-5. Tó bá wà lóde wọn, ẹ kọ UTC-6.

4. Ẹ ṣírò àlàfo náà. Tí àmì àyọkúrò bá wà níwájú nọ́ńbà wọn, ẹ ro nọ́ńbà náà pọ̀ mọ́ 1 tiwa. UTC-6 á fún yín ní 7, UTC-5 á fún yín ní 6, àwa la sì wà níwájú. Tó bá jẹ́ àmì àròpọ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ yọ 1 kúrò nínú nọ́ńbà wọn. Iye tó kù ni wọ́n fi ṣíwájú wa. Tí nọ́ńbà wọn bá jẹ́ òdo, wákàtí kan la fi ṣíwájú wọn.

5. Ẹ fi aago oníwákàtí 24 ṣe ìṣirò, kí ẹ tó yí i padà sí àárọ̀ tàbí alẹ́. Aago 7 alẹ́ jẹ́ 19:00. Láti Òṣogbo lọ sí Hiúsítọ̀n, ẹ yọ àlàfo kúrò. Láti Hiúsítọ̀n bọ̀ sí Òṣogbo, ẹ fi àlàfo kún un. Tí ohun tí ẹ rí bá wà nísàlẹ̀ òdo, ẹ fi 24 kún un, kí ẹ sì padà sẹ́yìn ní ọjọ́ kan. Tó bá pé 24 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ 24 kúrò, kí ẹ sì lọ síwájú ní ọjọ́ kan.

Ẹ wo ìgbésẹ̀ karùn-ún lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú òru. Ká ní aago 2 òru ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń lu l'Óṣogbo ní oṣù Keje. 2 yọ 6 jẹ́ 4 nísàlẹ̀ òdo. Ẹ fi 24 kún un, ó di 20, ìyẹn aago 8 alẹ́. Ẹ padà sẹ́yìn ní ọjọ́ kan: ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní òru yẹn pé "ẹ pè mí lọ́la" ti dá ọ̀rọ̀ rú, torí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọ̀la tiwọn sì jẹ́ Àbámẹ́ta. Orúkọ ọjọ́ ni kẹ́ ẹ máa lò.

## Ìpàdé ẹbí ọjọ́ Àìkú, láti òkè délẹ̀

Ká wo ẹbí kan tó ń ṣe ìpàdé lórí fóònù ní aago 7 alẹ́ Òṣogbo, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Àwọn àgbà wà nílé níhìn-ín, àwọn ọmọ mélòó kan wà ní Hiúsítọ̀n. Láti oṣù Kẹta ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ìṣòro kankan.

Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù Kẹwàá 2026. Déètì yìí ṣì wà láàárín 8 oṣù Kẹta àti 1 oṣù Kọkànlá. UTC-5 ni Hiúsítọ̀n wà, àlàfo jẹ́ 6. 19 yọ 6 jẹ́ 13. Aago 1 ọ̀sán ni wọ́n ń wọlé sórí ìpàdé lọ́hùn-ún. Wọ́n ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Kọkànlá 2026. Wọ́n ti dá aago padà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. UTC-6 ni Hiúsítọ̀n wà báyìí, àlàfo jẹ́ 7. 19 yọ 7 jẹ́ 12. Aago 12 ọ̀sán ni ìpàdé bọ́ sí fún wọn. Ìsìn lè má tíì parí. Àwọn àgbà á jókòó ti fóònù l'Óṣogbo, wọ́n á máa wò pé àwọn ọmọ ò wọlé. Àwọn ọmọ á wọlé ní aago 1 tiwọn bí ìṣe wọn, tí í ṣe aago 8 alẹ́ níhìn-ín, wọ́n á sì bá ìpàdé ní ìparí. Kò sẹ́ni tó ṣàìgbọràn. Kálukú tẹ̀lé aago ògiri ilé rẹ̀.

Ohun tó ń yanjú èyí ni kí ẹbí fẹnu kò sórí ìlú kan tó ni aago ìpàdé náà. Ọ̀nà méjì ló wà.

*Kí Òṣogbo ni aago.* Ìpàdé dúró ní aago 7 alẹ́ níhìn-ín títí lọ. Àwọn tó wà ní Hiúsítọ̀n ni wọ́n á máa yí tiwọn: aago 1 ọ̀sán nígbà ooru, aago 12 ọ̀sán nígbà òtútù. Èyí ló rọrùn jù tí àwọn àgbàlagbà bá pọ̀ nílé, tàbí tí iná mànàmáná tàbí jẹnẹrétọ̀ bá ní àkókò tirẹ̀.

*Kí Hiúsítọ̀n ni aago.* Ìpàdé dúró ní aago 1 ọ̀sán lọ́hùn-ún. Níhìn-ín, á jẹ́ aago 7 alẹ́ nígbà ooru wọn, á sì di aago 8 alẹ́ nígbà òtútù. Èyí dára tí iṣẹ́ tàbí ìsìn bá ti dè wọ́n mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Èyíkéyìí ló dára nínú méjèèjì. Ohun tí kò dára ni kí ìpàdé máà ní ìlú tó ni ín. Ní tèmi, Òṣogbo ni mo máa ń dá lábàá, nítorí ìlú tí aago rẹ̀ kì í yí ni ó yẹ kó jẹ́ òpó tí ìyókù so mọ́. Àwọn tó ń gbé níbi tí wọ́n ti ń yí aago ti mọ̀ pé ó ń yí. Wọ́n ń gbọ́ ìkìlọ̀ rẹ̀, fóònù wọn sì ń yí i fún wọn. Àwa tí a wà níhìn-ín, kò sí ohun tó máa rán wa létí.

## Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n yí i gan-an

Tí ìpàdé yín bá bọ́ sí alẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti yí aago tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ tí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe bá bọ́ sí òru Àbámẹ́ta mọ́jú Àìkú tàbí àárọ̀ Àìkú, ẹ gbọ́dọ̀ mọ wákàtí tí ó yí gan-an.

Aago 2 òru tiwọn ni wọ́n ń yí i. Ní 1 oṣù Kọkànlá 2026, ìyẹn á jẹ́ aago 8 àárọ̀ l'Óṣogbo. Kí ó tó di aago 8, àlàfo jẹ́ 6. Láti aago 8 lọ, ó jẹ́ 7. Wọ́n á dá aago padà láti 2 sí 1, nítorí náà wákàtí kan náà á kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó bá jẹ́ 7:30 àárọ̀ níhìn-ín, aago wọn á kà 1:30 òru. Nígbà tó bá jẹ́ 8:30 níhìn-ín, aago wọn á tún kà 1:30 òru. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé 1:30 òru ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ òfúrufú òun gbéra, ẹ bi í pé ti àkọ́kọ́ ni àbí ti èkejì.

Ní oṣù Kẹta, òdìkejì rẹ̀ ni. Ní 8 oṣù Kẹta 2026, aago 9 àárọ̀ Òṣogbo ni wọ́n sún un síwájú. Nígbà tó kù ìṣẹ́jú kan kó lu 9 níhìn-ín, aago wọn kà 1:59 òru. Bí ó ti lu 9 níhìn-ín, tiwọn bọ́ sí 3. Kò sí 2:30 òru ní Hiúsítọ̀n lọ́jọ́ yẹn rárá. Tí ẹ bá rí àdéhùn kan tó bọ́ síbẹ̀, ẹ padà lọ bá ẹni tó ṣe é.

## Fọ́ọ̀mù tó ní ọjọ́ ìparí

Ibi tí àṣìṣe wákàtí kan ti ń dunni jù nìyí, nítorí ìpàdé tó bọ́ ṣeé tún ṣe, fọ́ọ̀mù tó ti pa dé ti pa dé.

Ká ní iléèwé kan ní Hiúsítọ̀n kọ ọ́ pé fọ́ọ̀mù á pa dé ní 11:59 alẹ́, 31 oṣù Kẹwàá 2026, ní aago tiwọn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìyẹn. Wọn ò tíì dá aago padà, nítorí náà àlàfo jẹ́ 6. 23:59 àti 6 jẹ́ 29:59. Ẹ yọ 24 kúrò: 5:59 àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Kọkànlá, l'Óṣogbo.

Ká wá ní ọjọ́ kejì ni wọ́n kọ, 11:59 alẹ́, 1 oṣù Kọkànlá. Wọ́n ti dá aago padà. Àlàfo jẹ́ 7. 23:59 àti 7 jẹ́ 30:59, tí í ṣe 6:59 àárọ̀ ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kọkànlá.

Ọjọ́ kan péré ló wà láàárín méjèèjì, ṣùgbọ́n aago tó kẹ́yìn fún yín fi wákàtí kan yàtọ̀. Ẹni tó fi 7 ka ti àkọ́kọ́ á rò pé òun ṣì ní àyè títí di 6:59. Á jí ní aago 6, á fọ ojú, á ṣí kọ̀ǹpútà, á sì bá ilẹ̀kùn ní títì. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń yí aago, ẹ fi nọ́ńbà tó kéré jù kà á fún ara yín, kí ẹ sì parí iṣẹ́ ṣáájú rẹ̀.

## Tí Lọ́ńdọ̀nù bá tún wà nínú ọ̀rọ̀

Lọ́ńdọ̀nù náà ń yí aago, àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ kan náà pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta ni wọ́n ń sún tiwọn síwájú, wọ́n sì ń dá a padà ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá. Nígbà òtútù, wákàtí kan la fi ṣíwájú wọn. Nígbà ooru, aago kan náà la jọ ń lò.

Nítorí pé Amẹ́ríkà máa ń ṣíwájú Lọ́ńdọ̀nù yí i ní oṣù Kẹta, tí ó sì máa ń kẹ́yìn rẹ̀ dá a padà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan wà tí ìṣirò tí ẹbí ti mọ̀ kò ní bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Bí 2026 ṣe rí nìyí, láti Òṣogbo:

| Ìgbà ní 2026 | A fi ṣíwájú Lọ́ńdọ̀nù | A fi ṣíwájú Hiúsítọ̀n |
|---|---|---|
| Títí di 8 oṣù Kẹta | wákàtí 1 | wákàtí 7 |
| 8 sí 29 oṣù Kẹta | wákàtí 1 | wákàtí 6 |
| 29 oṣù Kẹta sí 25 oṣù Kẹwàá | 0 | wákàtí 6 |
| 25 oṣù Kẹwàá sí 1 oṣù Kọkànlá | wákàtí 1 | wákàtí 6 |
| Láti 1 oṣù Kọkànlá | wákàtí 1 | wákàtí 7 |

Ẹ wo ìlà kejì àti ìkẹrin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ti oṣù Kẹta, ọ̀sẹ̀ kan ni ti ìparí oṣù Kẹwàá. Láàárín ìgbà yẹn, ẹni tó bá gba ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù ṣírò á ṣì í. Àwọn kan máa ń sọ pé "Lọ́ńdọ̀nù fi mẹ́fà ṣíwájú Hiúsítọ̀n, a sì fi ọ̀kan ṣíwájú Lọ́ńdọ̀nù, ó di méje." Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, márùn-ún ni Lọ́ńdọ̀nù fi ṣíwájú Hiúsítọ̀n. Ẹ ṣírò ìlú kọ̀ọ̀kan tààrà láti Òṣogbo. Ẹ má gba ẹ̀yìn ìlú mìíràn.

## Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Wíwo aago òní fún ọjọ́ ọ̀la. Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Èèyàn á ṣí ibi tí fóònù ti ń fi aago ìlú mìíràn hàn, á rí i pé àlàfo jẹ́ 6, á sì fi dá ìpàdé oṣù Kejìlá. Òótọ́ ni fóònù sọ, ṣùgbọ́n ti ìsinsìnyí nìkan ló sọ. Ẹ lè mọ̀ pé ẹ ti ṣe àṣìṣe yìí tí ọjọ́ ìyípadà kan bá wà láàárín òní àti ọjọ́ tí ẹ ń ṣírò.

Gbígba lẹ́tà mẹ́ta gbọ́ bí ó ti wà. Fún Hiúsítọ̀n, `CST` túmọ̀ sí aago ìgbà òtútù, UTC-6. `CDT` jẹ́ ti ìgbà ooru, UTC-5. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́hùn-ún ń kọ `CST` láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Tí ẹnì kan bá kọ "3 PM CST" sí yín ní oṣù Keje, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé aago ògiri rẹ̀ ló ní lọ́kàn, tí í ṣe `CDT`. Aago 9 alẹ́ ni ìyẹn jẹ́ níhìn-ín. Tí ẹ bá gba lẹ́tà rẹ̀ gbọ́ bó ṣe wà, ẹ ó kọ aago 10 alẹ́ sílẹ̀, ẹ ó sì pẹ́. Ẹ kàn bi í pé: "Ṣé aago 3 ọ̀sán níbi tí ẹ wà ní Hiúsítọ̀n lọ́jọ́ yẹn?" Ṣáínà náà ń lo `CST` fún aago tirẹ̀, tí kò sún mọ́ ti Hiúsítọ̀n rárá.

Kíka GMT sí aago Lọ́ńdọ̀nù. Lójoojúmọ́ ayé, wákàtí kan la fi ṣíwájú GMT. Ṣùgbọ́n nígbà ooru, Lọ́ńdọ̀nù kì í sí lórí GMT. Ó ti bọ́ sórí aago tí wọ́n ń kọ ní `BST`, tó bá tiwa dọ́gba. Tí wọ́n bá kọ "aago 4 ọ̀sán GMT" sí yín ní oṣù Kẹjọ, aago 5 ni níhìn-ín. Tí wọ́n bá kọ "aago 4 ọ̀sán ti Lọ́ńdọ̀nù", aago 4 náà ni.

Fífi ọwọ́ yí fóònù. Ẹni tó ti Hiúsítọ̀n dé tó sì fi ọwọ́ sún nọ́ńbà aago síwájú, láìyí ìlú tí fóònù gbà pé òun wà, ti tú gbogbo ìpàdé inú kàlẹ́ńdà rẹ̀ ká. Aago ojú fóònù á dára, àmọ́ fóònù ṣì gbà pé Hiúsítọ̀n lòun wà. Ẹ wọ ibi ètò déètì àti aago, kí ẹ tan èyí tó ń jẹ́ kí fóònù yan aago àti ìlú fúnra rẹ̀. Lórí fóònù Ápù, `Set Automatically` ni wọ́n kọ síbẹ̀. Tí kò bá yan èyí tó tọ́, ẹ fọwọ́ yan Lagos.

Ríro pé gbogbo Amẹ́ríkà ló ń yí i. Ibi tó pọ̀ jù nínú Arisónà kì í yí aago, Hàwáì kì í yí i. Àlàfo wa pẹ̀lú wọn kì í kúrò lójú kan: mẹ́jọ fún Fínísì ní Arisónà, mọ́kànlá fún Hàwáì.

## Bí ẹ ṣe lè fi ẹ̀rọ yẹ ìṣirò yín wò

Kàlẹ́ńdà fóònù dára ju aago rẹ̀ lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí ó máa ń béèrè déètì. Ẹ ṣẹ̀dá ìpàdé tuntun, ẹ yan déètì, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan ìlú tó ni aago náà, kí ẹ tẹ orúkọ ìlú tó ni ìpàdé síbẹ̀. Fún Òṣogbo, ẹ yan Lagos. Fún Hiúsítọ̀n, tí ẹ kò bá rí Houston, ẹ yan Chicago. Aago kan náà ni wọ́n ń lò, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì ń yí i. Tó bá jẹ́ ìpàdé ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni, ìlú tí ẹ yàn yìí ló máa dúró, kàlẹ́ńdà á sì máa yí aago fún àwọn tó kù.

Ẹ má yan èyí tí wọ́n kàn kọ `GMT-6` sí láìsí orúkọ ìlú. Nọ́ńbà lásán kò mọ ọjọ́ tí Hiúsítọ̀n ń yí aago. Á tọ̀nà nígbà òtútù, tó bá di oṣù Kẹta á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì í pẹ̀lú wákàtí kan, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà tó ní Línọ́ọ̀sì lè tẹ èyí:

```
TZ=America/Chicago date -d "2026-11-01 19:00 +0100" "+%F %H:%M %Z"
```

Èsì rẹ̀ á jẹ́ `2026-11-01 12:00 CST`, tó bá ohun tí a ṣírò lókè mu. Ẹ ṣàkíyèsí pé a lo nọ́ńbà, `+0100`, fún Òṣogbo, a sì lo orúkọ, `America/Chicago`, fún Hiúsítọ̀n. Nọ́ńbà tó fún wa nítorí a kì í yí aago. Ìlú tó ń yí i gbọ́dọ̀ ní orúkọ, torí orúkọ yẹn ni ìtàn ìyípadà rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ yí `2026-11-01` sí `2026-10-25` kí ẹ rí i pé èsì á bọ́ sí `13:00 CDT`.

## Àwọn ìlú tó wà níwájú wa

Ìgbésẹ̀ kan náà ni, àmọ́ ibi tí àlàfo ń gbà yàtọ̀. Bẹ̀líìnì wà ní UTC+1 nígbà òtútù, bíi tiwa gan-an, kò sí àlàfo. Nígbà ooru ó bọ́ sí UTC+2, ó sì fi wákàtí kan ṣíwájú wa. Nítorí pé iwájú ló ń lọ, àlàfo ń pọ̀ sí i ni, kò dín kù bíi ti Hiúsítọ̀n.

Sídínì ní Ọsirélíà tún gba ọ̀nà mìíràn, nítorí ooru wọn bọ́ sí ìgbà òtútù àwọn ará Yúróòpù. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń sún aago síwájú, wọ́n sì ń dá a padà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹrin. Wọ́n fi wákàtí 10 ṣíwájú wa nígbà ooru tiwọn, 9 nígbà òtútù.

Dùbáì kì í yí aago. Mẹ́ta ni wọ́n fi ṣíwájú wa, ó parí síbẹ̀.

## Kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́

- Ṣé orúkọ ọjọ́ àti déètì wà níbẹ̀?
- Ṣé ẹ ti sọ ìlú tó ni aago?
- Ṣé ẹ kọ àárọ̀, ọ̀sán tàbí alẹ́ tẹ̀lé nọ́ńbà? "Aago 12" nìkan lè jẹ́ ọ̀sán, ó lè jẹ́ òru.
- Ṣé ọjọ́ ìyípadà kan wà láàárín òní àti ọjọ́ yẹn? Tó bá wà, ẹ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ náà.

Èyí tí ẹbí inú àpẹẹrẹ wa lè fi ránṣẹ́ lórí Wọ́tísáàpù nìyí:

> Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹbí. Ìpàdé wa, ọjọ́ Àìkú 1 oṣù Kọkànlá 2026. Aago Òṣogbo ni a ń tẹ̀lé: aago 7 alẹ́. Aago 12 ọ̀sán ni fún àwọn ará Hiúsítọ̀n (ẹ̀yin ò ní wọlé ní aago 1 mọ́, torí ẹ ó ti dá aago padà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn). Aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Báyìí la ó máa ṣe é títí di oṣù Kẹta.